Bí A Ṣe Ń Ka Tábìlì Ọ́pṣọ̀n

Ká ní ṣíà ilé-iṣẹ́ kan ní ọjà Amẹ́ríkà ń lọ ní dọ́là 103. Lórí tábìlì ọ́pṣọ̀n rẹ̀, ẹ̀tọ́ láti rà, Call, sábà máa ń wà lápá òsì. Ẹ̀tọ́ láti tà, Put, lápá ọ̀tún. Strike tó wà láàárín ni iye tí ẹ̀tọ́ náà dá lé: 100, 105, 110. Àlàfo dọ́là 5 nìyẹn. Ṣíà tí èrò pọ̀ lórí rẹ̀ lè ní àlàfo dọ́là 1.

Níwájú Call 105, Ask jẹ́ 2.40. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: àdéhùn kan sábà máa ń dúró fún ṣíà 100, nítorí náà dọ́là 240 ni ẹ ó san. Bí ṣíà náà kò bá kọjá 105 lọ́jọ́ tí àdéhùn parí, gbogbo owó yẹn ti lọ.

Volume ń ka àdéhùn tí wọ́n rà tí wọ́n tà lónìí nìkan. Open Interest ni àwọn tó ṣì wà nílẹ̀, òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń tún un kọ. Bí méjèèjì bá kéré, ẹ wo Bid kẹ́ ẹ tó rà. Bó bá jẹ́ 1.20, tẹ́ ẹ bá rà tẹ́ ẹ sì tà lójú ẹsẹ̀, dọ́là 120 ti wọgbó. Èmi kì í fọwọ́ kan irú rẹ̀.