Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Máa Ṣe Ni Kó Pín Owó Rẹ̀

Ẹni tó bá gbé owó lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà, kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan: "Èló lẹ mú wá?" Ó yẹ kéèyàn mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun lóòótọ́, àmọ́ iye owó nìkan kò lè sọ ohun tó yẹ ní rírà. Mílíọ̀nù kan náírà lè to kọ̀ǹpútà tó dùn ún lò gan-an fún ọmọ tó ń gbá géèmù, kí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà sì sú ẹni tó ń gé fídíò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ayédèrú nínú ẹ̀rọ náà. Ibi tí wọ́n ná owó sí ni kò bá iṣẹ́ mu.

Nǹkan mẹ́rin ló ń jẹ owó jù nínú kọ̀ǹpútà. Pírósẹ́sọ̀ ló ń ṣe ìṣirò, òun ló sì ń darí àwọn yòókù. Gíráfíìkì káàdì ló ń ya àwòrán tó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ráàmù dà bíi tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé: ohun tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ ló máa ń wà níbẹ̀, iná kú báyìí, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ìpamọ́, ìyẹn háàdì dísìkì tàbí ẹs-ẹs-dí tó yá jù ú lọ, ni ibi tí fáìlì ń gbé títí. Bí iṣẹ́ bá ń falẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí ló sábà máa ń fà á, àwọn mẹ́ta yòókù á kàn máa dúró dè é ni. Owó tí a bá fi kún àwọn tó ń dúró kò ní mú iṣẹ́ yá rárá. Èyí tí wọ́n ń dúró dè ni ká wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ya fídíò òde àríyá, tó sì ń gé e fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà méjì ló ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó, ó sì ń fi wọ́n yà á ní 4K. Ká gbà pé ó ti ya owó mọ́dábọ́ọ̀dù, àpótí ẹ̀rọ, páwà páàkì àti síkíríìnì sọ́tọ̀, mílíọ̀nù kan náírà ló sì kù fún nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, kì í ṣe iye tó wà lórí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe ni pé, wọ́n á ní iṣẹ́ àwòrán ni fídíò, wọ́n á sì kó ₦600,000 lé orí gíráfíìkì káàdì. Wọ́n á wá fi èyí tó kù ra pírósẹ́sọ̀ tówó rẹ̀ rọjú àti ráàmù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣí fídíò ìgbéyàwó náà nínú Premiere Pro, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, ìyàwó á gbẹ́sẹ̀ kan, á dúró gbagidi, ohùn nìkan á máa lọ. Káàdì olówó ńlá wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ohun tó fà á rèé. Kámẹ́rà kì í tọ́jú gbogbo àwòrán tó yà lódindi, torí ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò ní gbà á. Ó máa ń tọ́jú ọ̀kan lódindi, lẹ́yìn náà á kàn máa kọ ohun tó yí padà nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní H.264, èyí tó tún fún un pọ̀ ju ìyẹn lọ ni H.265. Bí a bá ń gé fídíò, kọ̀ǹpútà ní láti tú gbogbo ìfúnpọ̀ yẹn padà sí àwòrán odindi, nígbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n dá fún ìtúpalẹ̀ yìí nìkan, inú gíráfíìkì ló sì ń gbé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo irú fídíò ni ẹ̀yà yìí mọ̀ ọ́n tú.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun, bíi Sony A7 IV, lè ya fídíò H.265 tí wọ́n kọ 10-bit 4:2:2 sí lára, tí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Káàdì Nvidia kò mọ irú èyí tú títí di ìgbà tí RTX 50 jáde ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n gíráfíìkì kékeré tó wà nínú pírósẹ́sọ̀ Intel fúnra rẹ̀, láti ìran kejìlá sókè, mọ̀ ọ́n tú dáadáa. Ẹni tó ní irú kámẹ́rà yìí, tó sì ra RTX 40 olówó ńlá, ń jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ fi agbára lásán ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yà kékeré náà ì bá ti ṣe wẹ́rẹ́.

Ibí yìí ni lẹ́tà kan ṣoṣo ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ ó rí i lọ́jà pé i5-12400F dín díẹ̀ lówó sí i5-12400. F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí gíráfíìkì nínú pírósẹ́sọ̀ náà tí èèyàn lè lò. Fún ẹni tó ń gbá géèmù, F dára, owó díẹ̀ ló fi tọ́jú. Fún agéfídíò tí mo ń sọ yìí, ohun tó nílò jù ni wọ́n yọ kúrò.

Ìpín tí èmi máa fún un nìyí: ₦350,000 fún pírósẹ́sọ̀ tí kò ní F, ₦300,000 fún gíráfíìkì káàdì, ₦200,000 fún ìpamọ́, ₦150,000 fún ráàmù. Káàdì ṣì nílò owó tó tó bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe àwọ̀ àti àwọn ọnà tí wọ́n ń fi sára fídíò. Ráàmù 32 GB ni kó wá, kó sì jẹ́ igi méjì tó jẹ́ 16 GB lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, torí pé pírósẹ́sọ̀ máa ń bá igi méjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó yá ju kó máa bá ẹyọ kan sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ gba ìṣirò díẹ̀. Fídíò 4K tí kámẹ́rà ń kọ ní mẹ́gábíìtì 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń gba bíi 45 GB fún wákàtí kan. Bí òde náà bá gba wákàtí mẹ́rin, kámẹ́rà méjì á kó 360 GB wálé. Òde mẹ́ta péré, ẹs-ẹs-dí 1 TB ti kún kọjá. Nítorí náà, kó ra ẹs-ẹs-dí 1 TB fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó sì ra háàdì dísìkì ńlá fún àwọn òde tó ti parí. Kò nílò ẹs-ẹs-dí tó yá jù lọ lórí igbá. Mẹ́gábíìtì 100 yẹn kò ju mẹ́gábáìtì 12 àti ààbọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ háàdì dísìkì lásán pàápàá sábà máa ń kọjá 100. Ìtúpalẹ̀ ló ń dá fídíò rẹ̀ dúró, kì í ṣe kíkà á láti ìpamọ́. Àyè ni kó fi owó rà, kì í ṣe eré.

Tí ẹ bá ti ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ̀yin fúnra yín lè rí èyí tó ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ṣí iṣẹ́ tó máa ń falẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, kẹ́ ẹ wá lọ sí Performance. Bí Memory bá kún dé òkè, tí Disk náà sì ń sáré ní 100%, ráàmù ni kò tó, ẹ̀rọ ti ń fi ìpamọ́ ṣe ráàmù. Bí GPU bá wà ní bíi 97% sókè nígbà tí géèmù ń lọ, káàdì ti lo agbára rẹ̀ dópin. CPU ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ó lè kọ 13% péré, kó sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́jọ rẹ̀ ti rẹ̀ tẹnutẹnu, tí méje ń ṣeré. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí àwòrán náà, kẹ́ ẹ mú Change graph to, lẹ́yìn náà Logical processors, ẹ ó sì rí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Fún agéfídíò, ibi tó wà lábẹ́ GPU tí wọ́n kọ Video Decode sí ni kó máa wò. Bí fídíò bá ń lọ, tí ibẹ̀ wà ní 0%, tí CPU sì ń gbóná, ẹ̀yà ìtúpalẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Nígbà míì gíráfíìkì inú pírósẹ́sọ̀ wà, mọ́dábọ́ọ̀dù ló pa á nígbà tí wọ́n ki káàdì bọ̀ ọ́. Inú BIOS ni wọ́n ti ń tan án padà.

Ti ọmọ tó ń gbá géèmù kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, káàdì ló yẹ kó gba ìdajì, ₦500,000, kí pírósẹ́sọ̀ gba ₦250,000, kí ráàmù 16 GB àti ẹs-ẹs-dí pín èyí tó kù. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: síkíríìnì. Bó bá jẹ́ 1080p ló ń lò, tí síkíríìnì náà kò lè fi ju àwòrán 60 hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì tí wọ́n ṣe fún 4K á kàn máa ṣẹ́jú sí i ni.

Ẹni tó ń ṣe ìwé owó fún ilé iṣẹ́, tàbí tó ni ibi ìtẹ̀wé lẹ́bàá ọ̀nà, kò yẹ kó fi kọ́bọ̀ ra gíráfíìkì káàdì. Gíráfíìkì inú pírósẹ́sọ̀ tó o. Dell OptiPlex tòkunbọ̀ tó ní ráàmù 16 GB àti ẹs-ẹs-dí máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìjanpata, ìdajì mílíọ̀nù náà á sì ṣẹ́kù. Kó fi ra bátìrì àti ínfátà. Ohun tó ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró ni iná tó ń lọ láì dágbére. Àmọ́ kó mọ̀ pé páwà páàkì irú OptiPlex kékeré yẹn kò lágbára, kò sì bá ti ọjà mu, bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ki káàdì géèmù bọ̀ ọ́ lọ́la, kò ní gbé e.

Agéfídíò tí kò tíì lówó láti pààrọ̀ ohunkóhun náà ní ọ̀nà kan. Premiere Pro lè ṣe ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ ti fídíò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Proxies, kéèyàn fi èyí gé e, kí fídíò gidi sì padà wá nígbà tí ó bá ń gbé e jáde. Ó ń gba wákàtí púpọ̀ láti ṣe ẹ̀dà náà, ó sì tún ń jẹ àyè, ṣùgbọ́n ìyàwó á rìn dé ìdí tábìlì láìdúró.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ sọ́jà, ẹ fi fídíò tí kámẹ́rà yín yà gan-an sínú fíláàṣì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, kẹ́ ẹ sì wo Video Decode kẹ́ ẹ tó sanwó.