"Gbọ́" wo lẹ ń wí? Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìtumọ̀ ti yẹ̀ lójú ọ̀nà

Ẹ wo gbólóhùn yìí ná: "Ọmọ yẹn ò gbọ́." Kí ló túmọ̀ sí? Ó lè jẹ́ pé ohùn tẹ́ ẹ fi pè é kò dé etí ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èdè tẹ́ ẹ sọ ni kò yé e. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbọ́ dáadáa, àmọ́ ó kọ̀ láti ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí wàhálà, torí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti fi hàn wá èyí tó ń wí. Orí bébà ni wàhálà wà, pàápàá bébà tí wọ́n fẹ́ fi ka iye èèyàn.

Mo wà lára àwọn tó máa ń yẹ ìwé ìbéèrè ìlera wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀ra, ìyẹn apá Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà tá à ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹnì kan á túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. A ó gbé Yorùbá yẹn nìkan fún ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ rí, ká ní kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà la ó to Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì síra wọn. Níbi tí wọn ò bá ti jọra, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti yẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1970 ni Richard Brislin, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ tó sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká láàárín àwọn olùwádìí. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ní Ìbàdàn náà lò ó nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, láti 2003 sí 2004. Ọ̀ṣun wà lára wọn.

Ìwé tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ kúrú gan-an. Ìbéèrè mẹ́fà péré ni. Ìgbìmọ̀ Wáṣíńtọ̀n, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ṣe é, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa ka àwọn tó ní àìlera ara lọ́nà kan náà. Ó ń béèrè nípa ojú, etí, ẹsẹ̀, ìrántí, ìtọ́jú ara ẹni, àti bóyá èèyàn lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, kò ṣeé ṣe rárá. Ẹni tó bá mú "ó nira gan-an" tàbí "kò ṣeé ṣe rárá" nínú ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó ní àìlera nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan tó bá yẹ̀ lè yí iye gbogbo ìlú padà.

Ìbéèrè kejì ni ti etí. Yorùbá tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wa kà báyìí: "Ṣé ẹ ní ìṣòro láti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ?" Ó dùn létí, àbí? A fún ẹni méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n dá a padà. Gẹ̀ẹ́sì ẹni àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá ohùn ń dé etí. Ti ẹnì kejì ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ń yé èèyàn. Àwọn méjèèjì ò ṣì í. Yorùbá yẹn gan-an ló gba ìtumọ̀ méjì.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ká lo ẹni méjì. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló dá a padà, tí èyí tó mú wá sì yàtọ̀, a ò ní mọ̀ bóyá òun ló ṣi ọ̀rọ̀ kà tàbí ẹni tó túmọ̀ ló ṣìnà. Bí méjèèjì bá ṣìnà síbì kan náà, Yorùbá ló ní ẹ̀bi. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ṣìnà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Nígbà míì, àìfarabalẹ̀ lásán ni.

Ti "gbọ́" yìí léwu torí pé ìbéèrè kẹfà ń béèrè nípa kí ọ̀rọ̀ yéni. Tí ìbéèrè kejì náà bá ń béèrè ohun kan náà, a ti bi bàbá kan ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, a ò sì tíì béèrè nípa etí rẹ̀ rárá. Ohun tá a fi rọ́pò rẹ̀ ni "fi etí gbọ́ ìró tàbí ohùn". Ẹnì kan ní ká kàn kọ "gbọ́ràn". Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ bi ìyá ọmọ ọdún méje bóyá ó nira fún ọmọ ẹ̀ láti gbọ́ràn. Àròyé tẹ́ ẹ máa gbọ́ kò ní kan etí!

Ìbéèrè kẹta ń béèrè nípa ìrìn àti gígun àtẹ̀gùn ilé. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ lo "àkàbà". Ní ti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá, ẹni méjèèjì kọ ohun tí wọ́n fi ń gun òrùlé. Mélòó nínú àwọn ẹni ọdún 75 ló fẹ́ gun irú àkàbà bẹ́ẹ̀? Bàbá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lójoojúmọ́ á dáhùn pé kò ṣeé ṣe rárá, wọ́n á sì kà á mọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́. "Gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì" ló yanjú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló jẹ́ àṣìṣe. Bí Yorùbá bá lo "wọn" fún àgbà kan, tí Gẹ̀ẹ́sì sì padà wá bíi pé èèyàn púpọ̀ ni, kò sóhun tó yẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni.

Ìdàkejì ẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ, ìyẹn kó padà wá láìyingin, síbẹ̀ kó má dáa. Ìwé ìbéèrè mìíràn wà, tó ní gbólóhùn 20, tí wọ́n fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀ búlúù pe ìbànújẹ́, ó ní òun ò lè gbọ̀n ọ́n dànù. Bí ẹ bá túmọ̀ ẹ̀ ní oréfèé, pé "mi ò lè gbọn búlúù náà dànù", ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á dá a padà wẹ́kú. Ìyá àgbà tẹ́ ẹ bá kà á fún á rò pé aṣọ lẹ ń wí.

Ti "ìṣòro" tún fara sin jùyẹn lọ. Gbogbo ìgbà tá a dá a padà, ó ń padà wá bó ṣe yẹ. Àfìgbà tá a bi mọ́mì kan ní Ìlá bóyá wọ́n ní ìṣòro láti ríran. "Ìṣòro kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò ní ìṣòro kankan." Bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wá àga tí wọ́n fẹ́ jókòó lé. Létí wọn, ẹni tó bá ní òun ní ìṣòro ti ń fẹnu ara ẹ̀ pe ibi. A yí i sí "Ṣé ó máa ń nira fún yín láti ríran?", wọ́n sì rẹ́rìn-ín: "Há, ojú ti darúgbó." Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá látinú gbólóhùn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bébà ò lè fi èyí hàn yín. Àfi kẹ́ ẹ jókòó ti bíi ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ, kẹ́ ẹ ka ìbéèrè náà fún wọn, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n rò pé ẹ béèrè.

Ó ku kiní kan. Yorùbá àjùmọ̀lò ló wà lórí bébà, òun náà la sì dá padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìlá bá gbé bébà yẹn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kan, Ìgbómìnà ló máa fi bi í, ẹ̀dà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò sì kọjá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tá a wá ń ṣe ni pé a máa ń gba àyè, ká fi fóònù gba ohùn ẹni tó ń béèrè sílẹ̀ nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ká sì gbé ohùn yẹn, dípò bébà, fún ẹni tó máa dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó gbọ́ Ìgbómìnà o, àti "gbọ́" ti etí, àti "gbọ́" ti òye.