Àlejò Dé Sórí Afẹ́fẹ́: Bí Atọ́kùn Ètò Ṣe Ń Fi Àlejò Hàn Níbẹ̀rẹ̀ Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Lórí Rédíò Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé gbólóhùn díẹ̀ tí atọ́kùn ètò fi ń fi àlejò hàn lórí rédíò, nígbà tí ètò ń lọ lọ́wọ́ tí kò sí àyè àtúnṣe. Ohun tí a tẹnu mọ́ ni pé ìfihàn àlejò kì í ṣe ìwúyẹ. Olùgbọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àlejò sì ní láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí sí òun. Èdè Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà náà ni a fi ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. A gbé àpẹẹrẹ méjì yẹ̀ wò, a sì sọ bí olùkọ́ ṣe lè fi wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìfáárà

Nígbà tí rédíò alátagbà onírin wọ Èkó ní 1935, àwọn àgbà wa pe àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yẹn ti sọ ìṣòro tí a fẹ́ jíròrò. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò lè dá atọ́kùn dúró kó bi í pé, "Ta lẹ pè é?" Kò rí ojú àlejò, kò rí aṣọ rẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìfihàn bá ti rú u lójú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbọ́ ètò náà parí, tàbí kó yí rédíò sí ibòmíràn.

Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsọ̀rọ̀ ní gbangba, ìfihàn àlejò níbi àpéjọ ni a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ká ka ìtàn ìgbésí ayé àlejò láti ìbí títí dé oyè tó gbẹ̀yìn, kí àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ní gbọ̀ngàn, àlejò wà níwájú wa, ìwé ètò sì wà lọ́wọ́ wa. Lórí rédíò, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ̀ka mẹ́ta tí ìfihàn ní

Steven Clayman, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí tó jáde ní 1991 lórí bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìròyìn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi hàn pé ẹ̀ka mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀: kókó ọ̀rọ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti gbólóhùn tí a fi ń mú àlejò wọlé. Àwọn olùgbọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dojú kọ; àlejò á dákẹ́ títí ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò fi kàn án.

Tí a bá tẹ̀ lé ètò yìí, orúkọ àlejò yóò bọ́ sí òpin, èyí sì ní ìdí méjì. Èkíní, olùgbọ́ tó ti mọ ìbéèrè tó wà nílẹ̀ yóò fẹ́ mọ ẹni tí yóò dáhùn. Èkejì, orúkọ dà bí agogo létí ẹni tó ni ín. Bí a bá dárúkọ àlejò tán tí a ṣì ń ka oyè rẹ̀ lọ, ó lè dá sí i pé, "Ẹ ṣé o," nígbà tí a kò tíì parí ọ̀rọ̀. Bí orúkọ bá wà lópin, àlejò àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ yóò jọ mọ̀ pé àkókò ti tó.

"Wọ́n" ta ni?

Ní èdè Yorùbá, "wọ́n" ni a ń lò fún àgbà kan ṣoṣo, òun náà ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà ni a sì ń lò fún ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ. Nínú ilé, ojú àti ìka ń ràn wá lọ́wọ́. Lórí rédíò, etí nìkan ló wà. Ẹ jẹ́ ká wo ìfihàn kan tí a ṣe fún àlàyé yìí, tí a pe àlejò inú rẹ̀ ní Lágbájá:

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àlejò wa lónìí kì í ṣe ẹni à ń fi hàn. Ọ̀mọ̀wé Lágbájá ni. Wọ́n bí wọn ní Ìlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, wọ́n sì gboyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì fi wọ́n ṣe olórí níbẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, pé kí a máa fún ọmọ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, ká sì fi oògùn síńkì kún un fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kí àwọn olùgbọ́ wa."

Kò sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀, ó sì kún fún ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n" àti "wọn" jẹ́ méjìlá níbẹ̀: mẹ́sàn-án ń tọ́ka sí àlejò, mẹ́ta sì jẹ́ ti àwọn tí a kò dárúkọ. Etí kò ní àyè láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, arọ́pò-orúkọ wa kì í sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni a ń sọ nípa rẹ̀, oyè "Ọ̀mọ̀wé" náà kò sì sọ ọ́. Olùgbọ́ kò mọ̀ pé obìnrin ni àlejò yìí títí ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀, tó yẹ kó ṣáájú, ló gbẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tí àlejò fẹ́ wá gba àwọn ìyá ni atọ́kùn sì ti gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè báyìí, kí ló kù tí yóò sọ ju pé, "Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà ni"?

Ìlẹ̀kùn tó wà láàárín "wọ́n" àti "ẹ"

Nínú ìfihàn, ẹni tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni àlejò. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, ó di ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí yìí ni ìlẹ̀kùn tí àlejò ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n "ẹ" náà ní ojú méjì: a fi ń bá àgbà kan sọ̀rọ̀, a sì fi ń bá gbogbo olùgbọ́ sọ̀rọ̀. Bí atọ́kùn bá wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o," ta ló ń kí? Àlejò lè rò pé àwọn olùgbọ́ ni, kó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sì gùn púpọ̀ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tú ìdíjú yìí: "mà," "sà," "Bàbá," tàbí "Ìyá wa" lẹ́yìn ìkíni.

Ìkíni fúnra rẹ̀ kò ṣe é yọ kúrò, nítorí ọmọ Yorùbá kò ní gbà kí ọ̀dọ́mọdé kọ lu àgbà pẹ̀lú ìbéèrè láìkí i. Ṣùgbọ́n "Ẹ kí àwọn olùgbọ́ wa" ṣí ọ̀nà fún àlejò láti kí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí ìyàwó, kí ẹgbẹ́, kí ìjọ. Kò ṣẹ̀, ohun tí a ní kó ṣe ló ń ṣe. Èyí tó dára jù ni kí atọ́kùn sọ fún un kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Màá kí yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dáhùn, ìbéèrè yóò sì tẹ̀ lé e."

Ìfihàn kan náà, bó ṣe yẹ kó rí

"Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọdé, omi ara rẹ̀ ló ń bá a lọ. Síbẹ̀, àwọn ìyá kan máa ń dá omi mímu dúró fún ọmọ náà, kí ìgbẹ́ lè dá. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí i fún wa jẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú ọmọdé nílé ìwòsàn ìjọba. Ọdún tó kọjá ni ìyá náà fẹ̀yìn tì. Ọ̀mọ̀wé Abilékọ Lágbájá ló wà pẹ̀lú wa. Ẹ káàárọ̀, mà."

Àlejò á dáhùn: "Káàárọ̀ o."

"Mà, ìyá kan rí i pé ọmọ òun ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti òwúrọ̀. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?"

Bí a bá kà á sókè bí ẹní ń sọ̀rọ̀, kò ní ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Kò sí "wọ́n" kan ṣoṣo nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò rí àlejò fín. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni "tó" àti "ló," tí a lè lò fún ọmọdé, àgbà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn láìyí padà. "Ìyá náà" àti "Abilékọ" sọ pé obìnrin ni. Nínú gbogbo ohun tí àlejò ti ṣe láyé, iṣẹ́ tó kan ìbéèrè náà nìkan ni a mú. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ náà wúlò, nítorí ó sọ fún olùgbọ́ pé kì í ṣe ẹnu ìjọba ni ìyá yìí fi ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ bi àlejò léèrè ṣáájú

Orúkọ tí a kọ sórí ìwé láìfi àmì ohùn sí i kò tíì pé. Bí atọ́kùn bá rí "Ila" nínú ìwé àlejò, ó lè jẹ́ Ìlá tí í ṣe ìlú, ilá tí à ń sè, tàbí ìlà tí à ń fà. "Owo" lè jẹ́ ìlú Ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ owó. Ní àwọn ìlú tí èdè púpọ̀ ti pàdé, tí àlejò lè jẹ́ Haúsá, Ìgbò tàbí Ẹ̀bìrà tó gbọ́ Yorùbá, ìṣòro náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí atọ́kùn ní kí àlejò pe orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí òun náà pè é tẹ̀ lé e, kó sì béèrè oyè tí àlejò fẹ́ kí a lò. Bí àlejò bá ní láti tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe lórí afẹ́fẹ́, ọkàn olùgbọ́ ti kúrò lórí kókó ọ̀rọ̀.

Ibi tí ìlànà yìí mọ

Bí àlejò bá jẹ́ ọba, a kò lè fi orúkọ àti oyè rẹ̀ pa mọ́ di ìparí. Ìkíni Kábíyèsí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìfihàn ìbẹ̀rẹ̀ kò tó fún gbogbo ètò. Ẹni tó tan rédíò lẹ́yìn ìpolówó ọjà kò gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan ti tó fún un: orúkọ àlejò, iṣẹ́ rẹ̀, àti ìbéèrè tí a wà lórí rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Fún olùkọ́ tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá, ìdánwò tó rọrùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ẹnìkejì rẹ̀ hàn nígbà tí àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀: ta ni àlejò, kí ló mú un yẹ lẹ́ni tí a ń bi, kí sì ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Kí àlejò náà sọ ìgbà tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan òun. Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀ síra, níbẹ̀ ni kí kíláàsì ti wá "wọ́n" tàbí "ẹ" tí kò ní ẹni tó ni ín.