Àtẹ̀jíṣẹ́ Yín Wà Lọ́wọ́ Ta?

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì aago kékeré kan lè kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago náà á di máàkì kan, máàkì kan á sì di méjì. Àwọn àmì yìí ń sọ ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ aago, inú fóònù yín ló wà. Máàkì kan fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Máàkì méjì ní tirẹ̀ ń sọ pé ó ti wọ fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí.

Òfin kan ló wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀: ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jù ú sílẹ̀, àfi tí ẹni tó kàn bá ti jẹ́wọ́ pé òun ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, òfin yìí ni yóò kọ́kọ́ dì mú.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀ lé e. Bùnmi ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ fi owó ọjà ránṣẹ́ sí i. Bùnmi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn:

"Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ńbà àkáǹtì mi tuntun rèé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó o, mo fẹ́ tún nọ́ńbà yẹn yẹ̀ wò."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọ̀nà. Ẹ lè san án."

Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ di méjì

Fóònù Bùnmi fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Sáfà gbà á, ó sì dáhùn pé òun ti rí i, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn náà tó dé Abẹ́òkúta. Kí ni fóònù Bùnmi mọ̀? Kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ni kò dé, tàbí ìdáhùn ni ó sọnù lọ́nà. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú rẹ̀. Nítorí òfin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kó tún un rán.

Tí ètò náà kò bá gbọ́n, ẹ̀gbọ́n Bùnmi á rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ "Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kún un" ni, ó lè fi í kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ojútùú rẹ̀ ni pé fóònù fúnra rẹ̀ á ti fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kó tó rán an nígbà àkọ́kọ́, nọ́ńbà yẹn náà ni yóò sì máa lò ní gbogbo ìgbà tó bá tún un rán. Tí sáfà bá rí nọ́ńbà tó ti gbà rí, á kàn tún ìdáhùn rẹ̀ sọ, kò ní gba ọ̀rọ̀ náà wọlé mọ́.

Ta ló ṣáájú ta?

Ká wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún já lórí ọ̀rọ̀ kejì, tí ẹ̀kẹta sì kọjá ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n máa kà gbẹ̀yìn ni "Ẹ má tíì sanwó o." Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dé pé, síbẹ̀ owó kò ní wá.

Ó lè wá sí wa lọ́kàn pé kí a fi aago tó wà nínú fóònù tò wọ́n. Ṣùgbọ́n aago fóònù ṣeé yí, ọ̀pọ̀ ni kò sì bá ara wọn mu. Bí aago Bùnmi bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá, èsì tí ẹ̀gbọ́n kọ sí i á bọ́ sókè ìbéèrè tó ń dáhùn. Láti ọdún 1978 ni Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn nínú ìwé kan pé a lè fi òǹkà to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀, láì gbára lé aago ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tó rọrùn láti lo ìmọ̀ yìí ni pé fóònù Bùnmi á fi 1, 2, 3 sí ara ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ wọ́n, sáfà náà á sì máa ka iye ọ̀rọ̀ tó ti wọ inú ìjíròrò kọ̀ọ̀kan. Tí 3 bá dé tí 2 kò tíì dé, sáfà á dá 3 dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fún wọn ní ipò: 41, 42, 43. Fóònù tó bá rí 41 àti 43 á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan kù, á sì bèèrè fún 42. Tí ènìyàn méjì bá kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà nínú gúrúùpù, èyí tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ sáfà ló ṣáájú. Òǹkà kan fún ìjíròrò kan ti tó. Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ Bùnmi àti ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí fi ní láti tò sórí ìlà kan náà.

Nígbà tí fóònù bá kú

Bátìrì ẹ̀gbọ́n ti tán. Sáfà á to ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà pamọ́ de é. Tí fóònù bá tàn, tó sì sopọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ náà á wọlé bí wọ́n ṣe tò. Ibi tó ti yẹ kí ẹni tó ń kọ ètò ṣọ́ra gan-an nìyí: fóònù gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sínú ibi ìpamọ́ tirẹ̀ kó tó jẹ́wọ́ fún sáfà. Tó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́, tí bátìrì tún wá kú kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, sáfà ti nu tirẹ̀ nù, ọ̀rọ̀ náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àṣìṣe yìí kì í hàn nígbà tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà dáadáa. Àfi kí olùdánwò mọ̀ọ́mọ̀ pa fóònù láàárín ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń wọlé lọ́wọ́.

Ìdúró náà ní òpin. WhatsApp ń pa ọ̀rọ̀ tí kò tíì dé mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó ń nù ún. Nítorí náà, máàkì kan tó wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù kan lọ, ọ̀rọ̀ tí kò ní dé mọ́ ni.

Ibo ni kí a kó o sí?

Ohun tó bá ti dé, WhatsApp kì í tọ́jú rẹ̀ sórí sáfà. Inú fóònù ni ìjíròrò yín wà, nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ lórí Android ń jẹ́ `msgstore.db`. Èyí dín ẹrù iléeṣẹ́ kù, ó sì bá títì tí wọ́n ti ọ̀rọ̀ láti fóònù dé fóònù mu, èyí tí wọ́n parí fún gbogbo ènìyàn ní 2016.

Discord, tí àwọn tó ń gba géèmù fẹ́ràn, yan ọ̀nà mìíràn: ó ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun lè rí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ní ìparí 2015, ìrántí kọ̀ǹpútà wọn kò gbà á mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Cassandra, tó ń pín ẹrù sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n di ọ̀rọ̀ ìjíròrò kọ̀ọ̀kan ní ìdì-ìdì, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí ohun tí ènìyàn sábà máa ń ṣí ni ọ̀rọ̀ àìpẹ́ yìí nínú ìjíròrò kan. Ìdì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń ní láti tú.

Ìṣòro tuntun yọ nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá ń ka ìkéde kan náà: kọ̀ǹpútà tí ìdì yẹn wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń ru gbogbo wàhálà. Wọ́n fi alárinà kan sáàárín. Bí ènìyàn púpọ̀ bá bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan, ìbéèrè kan péré ló ń dé ibi ìpamọ́, gbogbo wọn á sì pín èsì rẹ̀. Ní 2022, wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn kúrò lórí Cassandra lọ sí ScyllaDB.

Ọ̀nà méjèèjì ní owó orí tirẹ̀. Lórí Discord, ẹ ò ní pàdánù ọ̀rọ̀ yín tí fóònù bá sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ló wà. Lórí WhatsApp, ẹ̀yin lẹ ni ín, ìpamọ́ rẹ̀ sì di iṣẹ́ yín. Ẹ wọ `Settings`, ẹ tẹ `Chats`, lẹ́yìn náà `Chat backup`, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Tí fóònù yín bá sọnù lónìí, ọ̀rọ̀ tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò ní bá yín dé orí fóònù tuntun.