Kí o tó pe alábàáṣe rẹ lólè lórí Wọ́sáàpù

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Ajah fi ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ hàn mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Òun àti alábàáṣe rẹ̀ ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Lekki. "Olè ni ẹ́! O tàn mí jẹ. Ọlọ́pàá ló máa gbé ẹ lọ́la."

Mo ní kó dúró ná. Tó o bá pe èèyàn lólè, èébú yẹn ló máa fèsì sí, ọ̀rọ̀ owó á ti sọnù. Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán.

Kí lo wá rí gan-an? Àkọsílẹ̀ báńkì ló rí, kò rí olè. A tún un kọ báyìí:

"Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, 850,000 náírà kúrò nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù lọ sí àkáǹtì rẹ. Àdéhùn wa ni pé àwa méjèèjì la máa fọwọ́ sí owó tó bá ju 200,000 lọ. Mi ò fọwọ́ sí èyí. Jọ̀ọ́, fi rìsíìtì ránṣẹ́ tàbí kí o dá owó náà padà kó tó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀."

Ó fẹ́ fi "ó dùn mí gan-an" kún un. Mo ní kó pè é lórí fóònù sọ ìyẹn. (Inú bí i sí mi díẹ̀.) Ní kóòtù gbèsè kékeré l'Ékòó, tí ẹjọ́ ibẹ̀ kì í ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, o gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó rẹ kó o tó pẹjọ́. Ọ̀rọ̀ wa yìí ṣeé sọ di lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, rìsíìtì 610,000 dé. Orí 240,000 tó kù ni wọ́n wà báyìí.