Owó Iléyá Gbọ́dọ̀ Dé Oṣù Kẹwàá

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí, kò sì sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó fẹ́ wọ aṣọ èṣí jáde. Lásìkò náà, aránṣọ kì í fojú kan oorun, owó sì ń wọlé lójoojúmọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú owó ọ̀hún ni oṣù tí ń bọ̀ ti ń dúró dè.

Ká ní aránṣọ kan rán ọgọ́ta aṣọ, tó gba ₦10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦600,000 nìyẹn. Òwú, gọ́ọ̀mù, sípù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àwọn tó bá a rán aṣọ mọ́jú gba ₦240,000. Ó ku ₦360,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná, owó ọmọ iṣẹ́ tó ti gba fúríìdọ̀mù tó sì ń bá a ṣiṣẹ́, pẹ̀lú owó oúnjẹ ilé tirẹ̀, jẹ́ ₦130,000 lóṣù. Tó bá yọ ti oṣù Iléyá, ₦230,000 ló kù.

Lẹ́yìn náà ni ọjà á dákẹ́. Aṣọ mẹ́wàá lóṣù, èrè rẹ̀ ₦80,000, ìnáwó ṣì jẹ́ ₦130,000. ₦50,000 ni yóò máa dín lóṣooṣù. Owó tó kù yẹn á kájú oṣù mẹ́rin, kò ní ká márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í wò nìyí. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún tí a ń kà lórí kàlẹ́ńdà lọ, nítorí náà Iléyá ń tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ní 2026, ó bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún. Iṣẹ́ Kérésìmesì kò kúrò ní oṣù kọkànlá tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù gbígbẹ tó jẹ́ mẹ́rin ní 2023 ti wá di márùn-ún, ₦20,000 sì jìn sí kòtò.

Yunifọ́ọ̀mù lè dí i. Oṣù kẹsàn-án làwọn ilé ìwé ń wọlé, ṣùgbọ́n oṣù keje, kí wọ́n tó gba ìsinmi, ló yẹ kí aránṣọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Bí èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ₦1,500, mẹ́rìnlá péré ti tó.

Kí ₦230,000 yẹn wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ó máa yọ ₦50,000 níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alájọ dára fún owó kéékèèké ojoojúmọ́, àmọ́ ó ń gba ọjọ́ kan lóṣù. Owó ńlá tó ti wà nílẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí dá lórí pé àwọn oníbàárà san owó wọn pé. Bí mẹ́jọ bá gbé aṣọ lọ pẹ̀lú ₦5,000 nílẹ̀, tí wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún, ₦40,000 ti lọ, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìtìlẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó ti wọ aṣọ ṣe Iléyá kì í sì kánjú san án. Kí owó pé kí aṣọ tó kúrò lórí hángà.