Ọ́ìlì Inú Gíà Oníkílọ́ọ̀ṣì Méjì

Ẹni tó bá jókòó sídìí sítiárìn Gọ́ọ̀fù tó ní gíà DSG lè rò pé ọ̀tọ̀máátíìkì lásán lòun ń wà: kò sí pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, D ló fi í sí, ó sì ń lọ. Ọjọ́ tó bá gbé e lọ ṣe sáfíìsì ni yóò mọ̀ pé nǹkan mìíràn lòun rà.

Ẹ jẹ́ ká mú DQ250, gíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí Fọ́káswágìn gbé jáde lọ́dún 2003. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú rẹ̀, inú ọ́ìlì sì ni méjèèjì ń gbé. Ọ́ìlì kan náà yìí ló ń pa ooru kílọ́ọ̀ṣì, òun ni kì í jẹ́ kí eyín gíà jẹ ara wọn, òun náà ni kọ̀ǹpútà gíà fi ń ti kílọ́ọ̀ṣì wọlé. ATF ti Kámúrì kò mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ọ́ìlì bá yọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní í di ara wọn mú. Bí kò bá bá a mu, mọ́tò á máa gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ ṣí. Nọ́ńbà ara agolo ni kí ẹ wò: G 052 182, tàbí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó kọ nọ́ńbà yìí sára. Àwọ̀ ọ́ìlì kò sọ nǹkan kan.

Owó wá ńkọ́? Ní gbogbo 60,000 kìlómítà, DQ250 ń fẹ́ nǹkan bíi lítà márùn-ún ààbọ̀ àti fílítà kan. Kámúrì 2007 onípisítìnì mẹ́rin ń gbé tó lítà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí nọ́ọ̀tì, bíi mẹ́ta ààbọ̀ péré ló ń jáde. Púpọ̀ nínú ìyókù há sínú tọ́ọ̀kì kọnfátà. Bí a bá ń pààrọ̀ ti méjèèjì ní 60,000, nígbà tí ọkọ̀ bá fi rin 120,000, Gọ́ọ̀fù á ti gba lítà mọ́kànlá, Kámúrì á gba méje. Lítà DSG tún sábà máa ń wọ́n ju ti ATF lọ. Síbẹ̀, ọ́ìlì àtijọ́ ló ṣì pọ̀ jù nínú Kámúrì. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́ á pààrọ̀ rẹ̀ léraléra, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ owó ti ń dínkù.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló le. Nínú ihò tí ọ́ìlì DQ250 ń gbà jáde, túùbù kékeré kan wà tó ń wọn ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á ṣí nọ́ọ̀tì, díẹ̀ á kán, á dá díẹ̀ náà padà, á sì gba owó pípé. Ẹni tó mọ̀ á yọ túùbù, ọ́ìlì á dà bíi lítà márùn-ún. Á dá túùbù padà, á da tuntun sí i, á tan ẹ́ńjìnnì, á fi sikánà wo ooru ọ́ìlì. Láàárín 35 sí 45 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ló gbọ́dọ̀ ṣí nọ́ọ̀tì, kí àlékún dà títí á fi máa kán tó, tó. Bí ohunkóhun kò bá kán, ọ́ìlì kò tíì tó nìyẹn. Gíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó dé ti gbóná kọjá 45. Àfi kí wọ́n dúró kó tutù.

Àwọn Gọ́ọ̀fù 1.4 kan wà tó jẹ́ gíà ẹlẹ́sẹ̀ méje, DQ200, ni tiwọn. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ, ọ́ìlì eyín gíà rẹ̀ kò pé lítà méjì, kò sì sí ìwọ̀n kìlómítà tí wọ́n ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bu owó lítà márùn-ún ààbọ̀ fún yín lórí ìyẹn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.